Ìwé-àwọ̀: Bí Àwọn Oníkàtúùnù Ṣe Ń Pín Àwọ̀ Ìtàn Kí Wọ́n Tó Ya Fíìmù

Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n gbé pátákó gbọọrọ kan kọ́ sára ògiri níwájú yín. Àwòrán kéékèèké ló kún orí rẹ̀, wọ́n tò ó ní ìlà-ìlà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò fẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ò ní rí ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ilé jẹ́ igun mẹ́rin tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fà lẹ́ẹ̀kan, ènìyàn sì jẹ́ ẹ̀kán ọ̀dà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rìn sẹ́yìn bí ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tí ẹ dì ojú díẹ̀, ẹ ó rí i pé ìlà kìíní mọ́lẹ̀ rekete, ìlà kejì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, àárín pátákó dúdú bí ìgbà tí òjò ṣú, lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀ tún padà wọlé láti apá ọ̀tún. Fíìmù wákàtí kan àtààbọ̀ lẹ wò tán yẹn, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ kàtúùnù ń pè ní kọ́lọ̀ sìkíríìpù nìyẹn. Èmi á máa pè é ní ìwé-àwọ̀, torí orúkọ àkọ́kọ́ yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Wọ́n á gbọ́ sìkíríìpù, wọ́n á rò pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀, bíi kí ẹnìkan jókòó kó kọ ọ́ pé ìbínú á jẹ́ pupa, ìbànújẹ́ á jẹ́ búlúù, owú á jẹ́ àwọ̀ ewé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwòrán ni, kò sì sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ju nọ́ńbà ìran lọ. Kì í tún ṣe sítọ́rìbọ́ọ̀dù: iṣẹ́ sítọ́rìbọ́ọ̀dù ni láti fi hàn ibi tí ènìyàn dúró sí, ibi tí kámẹ́rà ti ń wo, ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìwé-àwọ̀ kò bìkítà fún ìyẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń dáhùn: nígbà tí a bá kúrò nínú ìran yìí bọ́ sí èyí tó tẹ̀lé e, kí ni ojú olùwòran máa rí tó yí padà, ṣé ìyípadà yẹn sì bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn ìtàn mu?

Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun. Láwọn ọdún 1930, nígbà tí fíìmù aláwọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múlẹ̀ ní Hollywood, Natalie Kalmus tó jẹ́ olùdarí ọ̀rọ̀ àwọ̀ fún iléeṣẹ́ Technicolor máa ń ka ìwé eré láti òkè délẹ̀, á sì ṣe àtẹ àwọ̀ fún gbogbo ìran, fún aṣọ àti fún ògiri. Fíìmù àwọn ènìyàn gidi ni tirẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kàtúùnù, èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ jù ni ti iléeṣẹ́ Pixar. Ralph Eggleston fi ẹfun aláwọ̀ ya ìwé-àwọ̀ fíìmù Toy Story tó jáde ní 1995, irú àwọn àwòrán bẹ́ẹ̀ sì lọ kọ́ sára ògiri ilé ìṣọnà MoMA ní New York ní òpin ọdún 2005.

Kí n tó wọ inú àpẹẹrẹ, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ kan tó máa ń dojú rú. Bí a bá ní àwọ̀ yí padà, kí ló yí padà gan-an? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ á ní ó ti pupa di búlúù. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ló wà nínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, èdè wa sì ti pín in fún wa tipẹ́. Àwọn kan máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọ̀ mẹ́ta péré ni Yorùbá mọ̀: dúdú, pupa, funfun. Wọn ò tẹ́tí gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀lé e. Pupa fòò yàtọ̀ sí pupa rúsúrúsú, bẹ́ẹ̀ pupa ni àwọn méjèèjì. Ohun tó yà wọ́n ni bí àwọ̀ ṣe kún tó: fòò kún dáadáa, rúsúrúsú ti ṣá, bí aṣọ tí oòrùn àti ọṣẹ ti jẹ. Dúdú mìnìmìnì tún ń sọ nǹkan mìíràn, ó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe kéré tó lára nǹkan. Irú àwọ̀ ni ìkíní, bó ṣe kún tàbí bó ṣe ṣá ni ìkejì, bó ṣe mọ́lẹ̀ tàbí bó ṣe ṣókùnkùn ni ìkẹta. Àṣírí tí ẹni tó ń wo kàtúùnù fún ìgbádùn kì í mọ̀ ni pé ìkejì àti ìkẹta ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú ìwé-àwọ̀. Irú àwọ̀ kàn ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn ni.

Fíìmù Up ló fi èyí hàn kedere jù lójú mi. Ó jáde ní 2009, Pete Docter ló darí rẹ̀, Lou Romano ló sì ya ìwé-àwọ̀ rẹ̀. Ìtàn bàbá arúgbó kan ni, Carl, tó so bálúùnù mọ́ ilé rẹ̀ tí ilé fi fò lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí bí wọ́n ṣe sunkún níbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà, níbi tí Carl àti ìyàwó rẹ̀ Ellie ti ṣègbéyàwó, tí wọ́n dàgbà, tí Ellie sì kú, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu kan. Orin ni ọ̀pọ̀ ń dá lẹ́bi fún omijé wọn. Orin jẹ̀bi lóòótọ́, àmọ́ kò dá a ṣe.

Ìpinnu tí wọ́n ṣe fún àwọ̀ fíìmù yẹn rọrùn débi pé ọmọdé lè gbà á mọ́rí: níbi tí Ellie bá wà, àwọ̀ á kún. Níbi tí kò bá sí, àwọ̀ á ṣá. Nítorí náà, nígbà tí tọkọtaya náà ń tún ilé kùn, tí wọ́n dùbúlẹ̀ lórí koríko tí wọ́n ń wo ìkùukùu, àwọ̀ ń tú jáde lára gbogbo nǹkan. Kó tó di pé Ellie kú ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà á dínkù. Nígbà tí Carl jókòó nìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì mú bálúùnù kan wọ inú ilé lọ, òkùnkùn gba ibẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, aago ń dún, bàbá náà jí, ilé kan náà ni, àga kan náà, ṣùgbọ́n ẹ máa rí i pé eérú ti bá gbogbo nǹkan. Kò sẹ́ni tó tún ilé kùn ní àwọ̀ mìíràn láàárín ìran méjèèjì. Wọ́n kàn fa kíkún àwọ̀ jáde bí ẹni fa omi nínú kànga.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ná ohun tí wọ́n ti tọ́jú. Láti ìgbà yẹn títí ilé yóò fi gbéra, ìran lẹ́yìn ìran ló ń ṣá. Ojú olùwòran ti gbà pé bí ayé ṣe rí nìyẹn, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ebi àwọ̀ ń pa òun. Lẹ́yìn náà, bálúùnù tó lé ní 20,000 bẹ́ jáde láti òkè ilé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ilé ṣe ń gòkè lọ, ó kọjá níwájú fèrèsé ọmọdébìnrin kan, oòrùn gba inú bálúùnù wọ yàrá náà, ògiri rẹ̀ sì kún fún pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ewé, wọ́n ń rìn lórí ògiri. Ọmọ yẹn ò ní orúkọ nínú ìtàn, a ò tún rí i mọ́. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré ni. Èmi ò rò pé ẹnikẹ́ni yóò rántí rẹ̀ bí wọ́n bá ti ń fi àwọ̀ tó kún rẹ́rẹ́ wẹ̀ wá láti ìgbà tí Carl jí láàárọ̀.

Ìdí rèé tí mo fi ń bá àwọn tó ń kọ àtẹ ìtumọ̀ àwọ̀ jiyàn. Nínú fíìmù yìí kan náà, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ọsàn ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó ń ta sára tọkọtaya náà ní ọjọ́ ayọ̀ wọn. Nígbà tó ṣe, lóru, ọ̀tá Carl tanná bọ abẹ́ ilé rẹ̀, àwọ̀ ọsàn kan náà sì ni iná yẹn. Ọ̀kan tù wá lára, èkejì já wa láyà. Àwọ̀ ọsàn ò yí ìtumọ̀ padà, kò ní ìtumọ̀ kankan tẹ́lẹ̀ ni. Ohun tó yí i ká ló sọ ọ́ di ohun tó jẹ́: ìkíní wà láàárín ìmọ́lẹ̀, èkejì já lójijì láàárín òkùnkùn.

Ibì kan wà tí àwọn tí mo ń ṣàlàyé fún ti sábà máa ń dá mi dúró. Wọ́n á ní, bí àwọ̀ bá ń yí káàkiri báyìí, ṣé kì í ṣe pé aṣọ ẹni inú ìtàn ń yí padà ni? Rárá o. Aṣọ dúró síbi tó wà, ìmọ́lẹ̀ ló ń yí. Ẹ gbé agbádá funfun kan lọ́sàn-án gangan, funfun nini ni. Ẹ wò ó ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn fẹ́ wọ̀, apá tí oòrùn ń bá ti di àwọ̀ ọsàn, abẹ́ àpò rẹ̀ tó wà níbòji sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di búlúù. Ẹ gbé e sídìí àtùpà lóru, ó di àwọ̀ epo. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ó ní funfun ni agbádá, ẹ ò sì purọ́. Ṣùgbọ́n ayàwòrán tó bá fi ọ̀dà funfun yà á níbi àtùpà yẹn ti purọ́, aṣọ náà á sì dà bí ohun tí wọ́n gé láti inú ìwé mìíràn lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Nínú ìwé-àwọ̀, ohun tí ìmọ́lẹ̀ sọ nǹkan dà ni a ń yà, kì í ṣe ohun tí a mọ̀ pé nǹkan jẹ́.

Báwo ni a ṣe ń ṣe é? Màá fi iṣẹ́ tèmi ṣàlàyé, torí ibi tí mo ti ṣubú níbẹ̀ dára fún ẹ̀kọ́ ju ibi tí mo ti dúró lọ. Fíìmù kékeré ni, ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ìtàn ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ni, Àǹkẹ́, tó ń gbé pẹ̀lú ìyá ìyá rẹ̀ tó jẹ́ aláró ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Ọmọ náà ba ìkòkò aró jẹ́ níbi eré, àwọn oníbàárà kó aṣọ wọn lọ, ilé dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọmọ àti ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ aró tuntun, wọ́n dúró fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí ó tó pọ́n, wọ́n sì ri aṣọ àkọ́kọ́ bọ̀ ọ́.

Mo pín ìtàn náà sí àpótí mẹ́rìnlá. Lábẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan mo kọ ohun tó ń ṣe ọkàn, kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀. Mi ò kọ "oníbàárà kó aṣọ lọ". Mo kọ "ojú ń tì í". Mo fa ìlà kan lórí bébà, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọkàn Àǹkẹ́ ṣe ń ṣe. Ibi tó rẹlẹ̀ jù ni àpótí kẹjọ, òru ọjọ́ tí aró bàjẹ́. Ibi tó ga jù ni àpótí kejìlá, ìgbà tí aṣọ jáde nínú ìkòkò. Àwọn méjèèjì yẹn ni mo kọ́kọ́ yà kí n tó kan àwọn yòókù, torí bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti àpótí kìíní, ẹ ó ti ná owó yín tán kí ẹ tó dé ọjà.

Àwọ̀ eérú nìkan ni mo sì fi yà wọ́n lákọ̀ọ́kọ́, láti funfun dé dúdú, ìpele márùn-ún péré. Ó máa ń sú ènìyàn, mo mọ̀. Àmọ́ bí àwòrán kò bá yé ojú láìsí àwọ̀, àwọ̀ ò lè gbà á là. Mo fo ìgbésẹ̀ yìí ní àpótí kẹjọ torí ìkánjú. Mo fi Àǹkẹ́ sí kọ̀rọ̀ yàrá nínú aṣọ aláró, mo fi búráùn tó ṣókùnkùn ya ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà mi, búlúù yàtọ̀ sí búráùn, ó dára. Nígbà tí mo wò ó lórí fóònù lábẹ́ oòrùn, ọmọ ti pòórá, ògiri ló kù. Mo sọ àwòrán náà di aláìláwọ̀, bí ó sì ṣe rí nìyẹn: aṣọ rẹ̀ àti ògiri jẹ́ eérú kan náà gẹ́lẹ́. Àwọ̀ méjì tó yàtọ̀ pátápátá ni wọ́n, ṣùgbọ́n òkùnkùn wọn dọ́gba. Mo gbé àtùpà kan sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí ògiri lè mọ́lẹ̀ díẹ̀, ọmọ sì jáde padà.

Èyí tó dùn mí jù ni èkejì. Ilé aláró ni mo ń yà, nítorí náà mo fi búlúù kún gbogbo rẹ̀ láti àpótí kìíní: aṣọ lórí okùn, ọwọ́ ìyá àgbà, àbàwọ́n lórí ilẹ̀. Bó ṣe rí láyé gidi nìyẹn, ó sì rẹwà. Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tí à ń ṣiṣẹ́ pọ̀ kó wá wò ó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò tiẹ̀ wọlé, ó ní, "Ègbọ́n, níbo ni nǹkan ti yí padà níbí?" Mo fi ìka tọ́ àpótí kejìlá. Ó wá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo àpótí yẹn, ó ní kí n wo ìyókù. Mo wò ó. Kò sí ohun tó sọnù. Òkè ìtàn mi wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, pátákó náà ò sì mọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ dán ìwé-àwọ̀ wò, ẹ lo àtẹ́lẹwọ́ yẹn. Ẹ bo àpótí tó ṣe pàtàkì jù. Bí ìyókù bá pé láìsí i, ẹ ti ná àwọ̀ rẹ̀ síbòmíràn.

Àtúnṣe rẹ̀ ò sí nínú àpótí kejìlá rárá, inú àwọn mọ́kànlá tó ṣáájú ló wà. Mo gba gbogbo búlúù kúrò. Aṣọ orí okùn di èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀kọ kọ nǹkan sí lára, funfun ṣì ni, kò tíì rí aró. Ojú ìkòkò di dúdú, kò sì sí irọ́ níbẹ̀, torí aró inú ìkòkò kì í jọ búlúù lójú ẹni tó bá bojú wò ó. Ọwọ́ ìyá àgbà ló fún mi níṣòro. Ọwọ́ aláró kì í funfun, gbogbo ẹni tó bá ti dé Ìtòkú ló mọ̀. Mo fi òjìji bò ó títí dé àpótí kọkànlá. Bí aláró gidi kan bá wò ó, tó ní ilé yẹn mọ́ jù, màá gbà fún un.

Ìṣòro kan tún jáde tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti wo àdìrẹ rí mọ̀ pé aṣọ kì í jáde nínú aró ní búlúù. Àwọ̀ ewé ló máa ń gbé jáde, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró níṣojú ẹni. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ènìyàn rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n igi máńgòrò kan wà lágbàlá nínú àpótí mẹ́fà, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ta ni yóò ya ẹnu sí àwọ̀ ewé tó ti ń wò láti àárọ̀? Mi ò lè gé igi náà, ìtàn nílò ibòji rẹ̀. Mo gbé ìtàn lọ sí ìgbà ọyẹ́. Eruku bo ewé, igi ṣá, ọ̀run funfun bí omi ẹ̀kọ, ilẹ̀ pupa rúsúrúsú. Ìpinnu kan ṣoṣo yẹn tún àpótí mẹ́fà ṣe lẹ́ẹ̀kan, ó sì fún mi ní ètè gbígbẹ Àǹkẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Láti àpótí kẹfà sí ìkẹsàn-án mo jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ṣá sí i, títí tí ògiri, ilẹ̀ àti awọ ara fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwọ̀ kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kó ṣá lójijì o. Bí ìyípadà bá já lójijì, olùwòran á rí ọwọ́ ayàwòrán, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ìyẹn pamọ́ fún ibi tí ẹ bá fẹ́ kó ta gìrì. Ìkẹwàá àti ìkọkànlá jẹ́ àfẹ̀mọ́júmọ́, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ wọlé, àwọ̀ ò tíì padà.

Nígbà tí àwọn tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sínú fíìmù gba pátákó náà lọ́wọ́ mi, wọn ò tẹ̀lé e ní kíkún. Kò yẹ kí wọ́n tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀. Àpótí tó tó páálí ìṣáná ò lè sọ fún wọn bí òjìji imú ṣe máa rí. Fún ìran kọ̀ọ̀kan a tún ya àwòrán tó tóbi jù ú lọ, èyí tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìtàn sì yí padà lẹ́yìn tí mo ti parí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún pátákó yà. Ìdí tí àwọn àpótí fi kéré nìyẹn: ẹnikẹ́ni lè sọ iṣẹ́ ọ̀sán kan nù láìsunkún, iṣẹ́ oṣù kan kò ṣeé sọ nù.

Àpótí kejìlá nìkan ló kọ̀ láti gbà. Àwòrán kan dúró sójú kan, ohun tí mo sì fẹ́ fi hàn ń rìn: aṣọ tó jáde ní àwọ̀ ewé tó ń di aró lójú ẹni. Bí mo bá ya ewé, aró ò sí níbẹ̀. Bí mo bá ya aró, ìyanu náà ti kọjá. Mo dà á rú fún ọjọ́ méjì. Ní ìgbẹ̀yìn mo gé e sí mẹ́ta, mo sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ìkínní: aṣọ aláwọ̀ ewé kan, ọyẹ́ yí i ká. Ìkejì: etí aṣọ náà tí atẹ́gùn kọ́kọ́ bà ti ń ṣú. Ìkẹta: aṣọ ti di aró, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú fíìmù náà mo sì gbé ọwọ́ ìyá àgbà jáde síta kúrò lábẹ́ òjìji, búlúù dé ọrùn ọwọ́.